Àgbéyẹ̀wò ìwé àbá iṣẹ́ olùdámọ̀ràn kan: ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé 7

Ìwé àbá yìí ní ojú ewé mẹ́sàn-án lápapọ̀. Iṣẹ́ inú rẹ̀ kò ṣòroó yé: olùdámọ̀ràn yóò kó àkọsílẹ̀ ọjà ilé ìkẹ́rù 3 kúrò nínú fáìlì Excel, yóò tún un ṣe, yóò sì kó o sínú ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jọ máa lò. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ó ní yóò gbà. Owó rẹ̀ jẹ́ gbèǹdéke, ọjọ́ iṣẹ́ 34 ni ó fi ṣírò rẹ̀, kò sì ní lé sí i àyàfi tí iṣẹ́ bá lé sí i. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Máàkì kan tó pàdánù yẹn wà láàárín ojú ewé 2 àti ojú ewé 7, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí.

Ojú ewé 2 ni wọ́n ti sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ó kọ ọ́ pé òun yóò tún «gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà, tó tó ìlà 4,200» ṣe. Nínú ètò ọjọ́ iṣẹ́, ọjọ́ 6 ni ó yà sọ́tọ̀ fún títún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kò lè yẹ ju nǹkan bí ìlà 60 wò ní wákàtí kan bí ó bá ń wo orúkọ, òǹkà àti ibi tí ọjà wà. Wákàtí 7 lóòjọ́ fún ọjọ́ 6 jẹ́ wákàtí 42, ìyẹn ìlà 2,520. Ìlà 1,680 ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò yan ọjọ́ fún. Olùdámọ̀ràn tó gbọ́n kì í ṣèèṣì ṣe irú èyí. Nígbà tí iye iṣẹ́ àti iye ọjọ́ kò bá ti bára mu, ìdáhùn sábà máa ń wà ní ojú ewé àwọn ohun tí kò sí nínú iṣẹ́.

Ibẹ̀ náà ni ó wà lóòótọ́. Ojú ewé 7, ìlà kẹrin: «ọjà tí kò wọlé, tí kò sì jáde láti oṣù 12 sẹ́yìn kò sí nínú iṣẹ́ yìí; oníbàárà ni yóò pinnu ohun tí yóò ṣe sí i». Kò sí ohun tó burú nínú kí ó yọ ọjà tó ti sùn kúrò, nítorí kò sí ẹni tó yẹ kó sanwó ọjọ́ 4 lórí ohun tí kò tà. Ohun tó burú ni pé ojú ewé 2 sọ pé «gbogbo», ojú ewé 7 sì bu un kù láìjẹ́ pé èkíní tọ́ka sí èkejì. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i lórí ojú ewé 2 nìkan yóò rò pé ìlà 4,200 ni òun rà. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ojú ewé 2 sọ pé «ọjà tó rìn láàárín oṣù 12 sẹ́yìn, tí kò ju ìlà 2,520 lọ», kí ìyókù sì wọ inú ètò náà bó ṣe wà, pẹ̀lú àmì pé ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Olùdámọ̀ràn náà gbà láti tún un kọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìlà yòókù ní ojú ewé 7 dára gan-an. Kíka ọjà pẹ̀lú ọwọ́ nínú ilé ìkẹ́rù kò sí nínú iṣẹ́. Owó láísẹ́ǹsì ètò náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni síso rẹ̀ pọ̀ mọ́ ètò ìṣírò owó. Mo fẹ́ràn pé wọ́n kọ ẹni tí yóò ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Ìwé tó bá kàn sọ pé «kò sí nínú iṣẹ́» láìsọ oníṣẹ́ rẹ̀ ń fi ihò sílẹ̀ ni.

Ní ti ohun tí wọn yóò fi lé oníbàárà lọ́wọ́, nǹkan 4 ni: àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe, ètò tó ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ìlò, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀mejì fún ènìyàn tí kò ju 12 lọ. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀tì kan péré. Ilé ìkẹ́rù kan pè é ní «bọ́ọ̀tì 10mm», ó sì ń kà á ní páálí. Òmíràn pè é ní «10mm bọ́ọ̀tì», ó sì ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn méjèèjì kọ 12 sílẹ̀. Ẹni tó bá kàn pa orúkọ pọ̀ yóò ní 24, bẹ́ẹ̀ bí páálí kan bá gba ẹyọ 50, ẹyọ 612 ni ó wà nílẹ̀. Ìwé àbá yìí sọ pé wọn yóò so orúkọ àti òǹkà pọ̀, ó sì sọ bí a ó ṣe mọ̀ pé ó tọ́: oníbàárà yóò ṣa ìlà 50 fúnra rẹ̀, bí àṣìṣe bá ju 2 lọ, wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò láìgba owó kún un. «Àkọsílẹ̀ tó mọ́» ni ọ̀pọ̀ ìwé àbá máa ń kọ, wọn á sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 8 yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ọjọ́ ìbuwọ́lùwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ àti fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé lọ́wọ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà, oníbàárà ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan 4 wọ̀nyẹn wò. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 20, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 4. Ìdajì àkókò náà, ọwọ́ oníbàárà ni ó wà. Bí oníbàárà bá sì dákẹ́ fún ọjọ́ 5, ìwé náà kà á sí pé ó ti gbà á. Èyí le díẹ̀, pàápàá fún àkọsílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ ṣa ìlà 50 nínú rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí olùdámọ̀ràn kọ ìwé ìránnilétí ní ọjọ́ kẹta, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó lè di gbígbà. Wọ́n fi ìyẹn kún un.

Owó pín sí mẹ́rin: ìdá 30 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, 40 nígbà tí àkọsílẹ̀ bá yege, 20 lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 10 lẹ́yìn ọjọ́ 30 tí wọn yóò fi máa dáhùn ìpè. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, «ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin» ni wọ́n so ìdá 40 mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé owó yóò jáde yálà iṣẹ́ yege tàbí kò yege. Ẹ má gba ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà fún ìpín tó tóbi jù. Ọkọ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rù wà nínú owó náà títí dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án di àfikún. Iṣẹ́ àfikún kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bu ọwọ́ lù.

Ìdá 10 ìkẹyìn ni ibi kan tí wọn kò gbà láti yí padà. Mo fẹ́ kí wọ́n ya àṣìṣe wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ìbéèrè tuntun. Bí òǹkà bọ́ọ̀tì yẹn bá yí padà láti 612 sí 24 nígbà tí wọ́n kó o wọlé, àṣìṣe wọn ni, ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ kí ètò náà máa fi àwọ̀ pupa hàn nígbà tí bọ́ọ̀tì bá kù díẹ̀, iṣẹ́ tuntun ni. Ìwé náà pe méjèèjì ní «ìrànlọ́wọ́», wákàtí 10 sì ni ó fún àwọn méjèèjì lápapọ̀. Ẹni tó bá gba irú gbólóhùn yìí, kó máa kọ wákàtí tí wọ́n lò sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó sì kọ ẹni tó ni ẹ̀bi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.