Wọ́n rán ṣòkòtò fún màmá mi nínú gémù: ojú mi rí nǹkan lórí sípíráìtì ṣíìtì yìí

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè mo jókòó sílé ní Ìjàpọ̀, l'Ákùrẹ́, mo ṣí fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, mo gbé e sínú gémù, mo tẹ bọ́tìnnì kí màmá mi máa rìn, àfi bí mo ṣe rí i tí ìró màmá mi là sí méjì láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ti di ṣòkòtò! Ìyá mi o, ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí mi ò rí ṣòkòtò lára ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ló ń ju ẹsẹ̀ gbàràgàdà bíi sójà tó ń máàṣì, igbá ọsàn sì wà lórí ẹ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o. Ìgbà tí mo wá rántí pé 15,000 náírà ni mo san, ẹ̀rín yẹn gbẹ.

Ẹni tí ò bá mọ ohun tí mò ń sọ, gémù kékeré kan ni mò ń ṣe, ìyá kan tó ń kiri ọsàn láti Arákàlẹ̀ dé Ọjà Ọba. Mo ya màmá mi ní fọ́tò kan ṣoṣo, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́, igbá lórí, ọwọ́ òsì ló fi di igbá mú, mo wá fi ápù orí fóònù sọ ọ́ di bíi àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Mo fẹ́ kí wọ́n ti inú ẹyọ kan yẹn yọ àwòrán mẹ́jọ, kí wọ́n tò wọ́n sórí ìlà kan nínú fáìlì PNG, ohun tí wọ́n ń pè ní sípíráìtì ṣíìtì nìyẹn, kí gémù máa ṣí wọn tẹ̀léra kó lè dà bíi pé màmá ń rìn. Kóòdù lèmi mọ̀, ọwọ́ mi ò mọ àwòrán rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ síbi kan lójú ọ̀nà FUTA, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mi ò ní dárúkọ wọn.

Ibẹ̀ tutù o, ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní omi tútù kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Ẹ fi ọmọ yẹn sọ́kàn, a máa padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ wo fọ́tò náà bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ní, “Àbúrò, má dààmú, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa ṣe fún ẹ, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì.” Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sá. Fọ́tò kan ló wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló sì wà nínú ẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí bí màmá ṣe so gèlè lẹ́yìn? Tó bá fẹ́ ẹ̀yìn, àfi kó yà á fúnra ẹ̀ látorí, kì í ṣe kó yọ ọ́ nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́, mo sanwó. Mọ́ńdè ló ní kí n wá, Tọ́sìdeè ló fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ló fi ránṣẹ́ o, kò sí mẹ́rin kankan.

Ó dàárọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Mo fi han ọ̀gá. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “Ẹsẹ̀ méjì ṣáà lèèyàn ní, bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn.” Mo ní ọ̀gá, ẹsẹ̀ méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ kan ló wọ̀. Oníbàárà kan tó ń dúró de káàdì ìgbéyàwó ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ní àwòṣe kan lórí kọ̀ǹpútà, ti ọkùnrin tó wọ jíìnsì, ẹnikẹ́ni tó bá gbé fọ́tò wá ni wọ́n ń gé sórí àwòṣe yẹn, itan lọ́tọ̀, ojúgun lọ́tọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dáa fún ẹni tó wọ ṣòkòtò. Bí wọ́n ṣe la ìró màmá mi láàárín nìyẹn, tí wọ́n wá fi ìdajì kọ̀ọ̀kan bo itan.

Ọ̀gá ní òun ń jáde, òun fẹ́ lọ bá kọsitọ́mà kan l'Álágbàka. Ó lọ lóòótọ́, kò tiẹ̀ bẹ̀ mí. Inú ń bí mi débi pé mo ti ń wo ibi tí mo máa jókòó sí títí wọ́n á fi dá owó mi padà. Ni ọmọbìnrin olómi tútù yẹn bá sún mọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni màámi ṣe ń rìn gan-an?”

Kí n tó dáhùn ó ti mú ìbòrùn ẹ̀, ó ró o mọ́ ìdí dáadáa, ó gbé páálí kíbọ́ọ̀dù kan lérí, ó fọwọ́ òsì dì í mú, ó wá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ òun. Mo wò ó. Ìró ò jẹ́ kí orúnkún ya, ìgbésẹ̀ ẹ̀ kúrú, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọjú lábẹ́ aṣọ, etí ìró á fì síwájú á tún fà sẹ́yìn. Páálí orí ẹ̀ ò mì. Ó ní ẹni tó bá rẹrù kì í gbé orí sókè-sódò bíi ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ṣófo, àti pé ọwọ́ tó di ẹrù mú kì í fì, ọwọ́ kejì nìkan ló ń fì. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀, ìyókù kọ̀ǹpútà ni.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Orí, gèlè, igbá àti ọwọ́ òsì, ó gé gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan nítorí wọn ò ní yà kúrò lára wọn. Bùbá lọ́tọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ó gé e sí méjì níbi ìgúnpá. Ìró, ó fi í sílẹ̀ lódindi, ìsàlẹ̀ ẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, ìbàdí ò mì. Ẹsẹ̀ méjì kéékèèké wà lábẹ́ ẹ̀. Ohun kan tí mi ò mọ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún bo bùbá nínú fọ́tò, tí ọwọ́ bá wá fì kúrò, ihò ló máa wà níbẹ̀, torí fọ́tò ò rí ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́. Ó ní láti mú lára àwọ̀ bùbá tó wà nítòsí kó fi kun ibẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ rárá.

Àwòrán mẹ́jọ náà, mẹ́rin fún ẹsẹ̀ kan, mẹ́rin fún èkejì: ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ tí wọ́n jìnnà síra, ara wọlẹ̀ díẹ̀ sórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá lára ti iwájú, ara wá ga díẹ̀ kó tó tún balẹ̀. Nínú ti ọ̀gá, wíwọlẹ̀ àti gíga yẹn jẹ́ píkísẹ̀lì mẹ́ta, ọmọ yìí ní ti ẹni tó rẹrù, ẹyọ kan ti tó.

Màmá tún ń tiro nínú fáìlì àkọ́kọ́, mo sì rò pé ẹsẹ̀ ló fà á. Rárá o. Ọ̀gá gé ààyè òfìfo ara àwòrán kọ̀ọ̀kan dànù, ó wá gbé ìkọ̀ọ̀kan sáàárín àpótí ẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá na síwájú, àárín àwòrán yẹn náà ti sún, ara á fò sẹ́yìn. Ọmọbìnrin yìí fa ìlà ilẹ̀ kan àti ìlà kan tó gba ìbàdí, ó ní ìbàdí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Ó wá gbé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ léra wọn, ó jẹ́ kí wọ́n ṣe fírífírí. Ti ọ̀gá, etí màmá tò lọ rẹrẹ bíi ìlẹ̀kẹ̀. Tiẹ̀, etí kan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba irú iṣẹ́ yìí, ẹ ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ tún gbọ́ èyí, òdòdó ara ìró náà ń rìn fúnra wọn bíi ìjàlọ! Ọ̀gá ti tún fi fílítà, ohun tó ń sọ fọ́tò di bíi àwòrán ọ̀dà, kun àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó gé e tán. Fílítà ò mọ̀ pé aṣọ kan náà ni, ìgbàkígbà tó bá kùn ún ló máa fa ìlà tuntun. Ọmọ yìí lo èyí tí mo gbé wá bó ṣe wà, ó gé e lẹ́yìn tí ọ̀dà ti wà lórí ẹ̀, ó ní fílítà ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó. Ńlá ló tún fi ṣe gbogbo ẹ̀, ìparí ló tó sún un kéré, àpótí kọ̀ọ̀kan 128 sí 128, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ wá jẹ́ 1024 sí 128. Ó gba á bíi wákàtí méjì, iná lọ lẹ́ẹ̀kan, kò kùn.

Mo délé, mo gbé e wọlé, màmá ń rìn bíi ìyá èèyàn! Àmọ́ ó ń yọ̀, bíi pé ọṣẹ wà nílẹ̀. Mo pe ọmọ náà, ó béèrè pé píkísẹ̀lì mélòó ni ìgbésẹ̀ kan. Méjìdínlógún. Ìgbésẹ̀ méjì ló wà nínú àwòrán mẹ́jọ, ìyẹn 36. Àwòrán mẹ́wàá ni gémù mi ń ṣí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́jọ á gba 0.8, 36 pín sí 0.8 jẹ́ píkísẹ̀lì 45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi ti kọ 90 sínú kóòdù! Inú Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe gémù, ni mo ti ń ṣe é, ohun tí mo yí padà nìyí:

```
const SPEED = 45.0
```

Ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin. Tí mo bá fẹ́ kó máa lọ ní 90 dandan, àfi kí àwòrán di ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, màmá á wá máa sáré bíi ẹni tí ajá ń lé, ọsàn á sì wà lórí.

Ibì kan ló kù tó ń dùn mí. Tó bá yíjú padà, `flip_h` tó ń yí àwòrán padà bíi ti inú dígí ni mò ń lò, ọwọ́ òsì tó di igbá mú á wá di ọ̀tún, òjìji á sì yí síbi tí oòrùn wà. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, ó ní 5,000 náírà ni. Ọ̀gá yìí kan náà tó ṣèlérí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin! Ó tún gbé màmá mi sórí sítétọ́ọ̀sì ẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé “iṣẹ́ ọwọ́ wa”. Ọwọ́ ta ni? Kò dárúkọ ọmọbìnrin yẹn.

Mo fi han màmá lálẹ́. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èmi nìyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí mò ń kọjá lára àwọn èèyàn wọ̀nyí tí mi ò kí wọn?” Iṣẹ́ ti tún dé nìyẹn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Sátidé ni mò ń gbé fọ́tò bàbá mi lọ, agbádá ló wọ̀, mo ti pe ọmọ náà láti mọ̀ bóyá á wà níbẹ̀.