Príúsì tàbí Líìfù alòkù: bí ẹ ṣe máa mọ bátìrì tó ṣì lágbára kẹ́ ẹ tó sanwó

Ká ní ẹ wà ní ọgbà àwọn tó ń ta mọ́tò ní Kútọnu, ọkọ̀ méjì wà níwájú yín, owó wọn ò sì jìnnà síra. Ọ̀kan ni Tòyótà Príúsì ọdún 2010, háíbíríìdì tó ń fi epo àti iná rìn. Èkejì ni Nísáànì Líìfù ọdún 2013, tí kò ní táńkì epo rárá. Ara àwọn méjèèjì ń dán. Ẹni tó ń tà á á ní kẹ́ ẹ wo táyà, kẹ́ ẹ wo ìjókòó. Ẹ wò ó o, àmọ́ bátìrì ńlá tí wọ́n gbé pamọ́ sínú ọkọ̀ náà ló máa sọ bóyá owó yín kò ṣòfò.

Bátìrì méjèèjì kì í bàjẹ́ bákan náà. Ti Príúsì kéré, kò ju nǹkan bí 1.3 kWh lọ. Ìdì bátìrì kéékèèké 28 ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí iná ń gba inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, nítorí náà bí ìdì kan ṣoṣo bá kú, ó kó bá gbogbo ìyókù. Ti Líìfù ọdún yẹn tóbi, 24 kWh ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló jọ ń gbó díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ náà á ṣì máa rìn dáadáa, ibi tó lè gbé yín dé ló ń dínkù. Lára Príúsì, èyí tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba lẹ ń wá. Lára Líìfù, iye agbára tó ṣẹ́ kù lẹ ń wá.

Irinṣẹ́ kan náà lẹ máa lò fún méjèèjì: ẹ̀rọ kékeré ELM327 tí wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn, tó sì ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Lórí fóònù, `Dr. Prius` ni ti Príúsì, `LeafSpy` ni ti Líìfù.

Príúsì: ẹ fi iṣẹ́ dán an wò

Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, gbogbo bátìrì ló ń dà bíi pé ara wọn le. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wakọ̀, kí ẹ̀yin mú fóònù dání. Kó tan ẹ̀rọ atútù sókè pátápátá, kó tẹ iná ọkọ̀ náà dáadáa láti ìdúró títí á fi máa sáré kìlómítà 60 ní wákàtí, kó tún tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ á fi dúró, kó wá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà ń wo ìdì 28 yẹn ní méjì-méjì, nítorí náà nọ́ńbà 14 lẹ máa rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sókè sódò ní nǹkan bíi fólítì 14 sí 16. Bátìrì tó dáa, gbogbo nọ́ńbà náà ló jọ ń gòkè, tí wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn ò ní tó ìdajì fólítì. Bí mẹ́tàlá bá wà ní 15.1 nígbà tí ọkọ̀ ń fà, tí ọ̀kan já sí 13.9, ẹ ti rí èyí tó ń kú, kódà bí iná ìkìlọ̀ kankan ò tíì tàn.

Iná ìkìlọ̀ gan-an kò tó gbára lé, torí ìṣẹ́jú kan ló ń gbà láti pa kóòdù àṣìṣe tó tàn án rẹ́. Èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́ rí ni `P0A80`, òun ni ọkọ̀ fi ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì ńlá. Bí ẹ ò bá rí i, tí ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ò tíì parí, ẹnì kan ti pa nǹkan rẹ́ láìpẹ́ yìí, tàbí kó ti yọ bátìrì kékeré. Ẹ wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn náà. Ihò kan wà níbẹ̀ tí fáànù bátìrì ń gbà fa afẹ́fẹ́. Bí eruku àti irun bá ti dí i, bátìrì yẹn ti ń jó nínú ooru látọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ti tún bátìrì ṣe, ẹ béèrè iye ìdì tí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n ti lè fi ìdì kan rọ́pò òkú, àmọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yòókù ṣì jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú èyí tó kú yẹn. Mi ò ní san owó bátìrì tó dáa lórí irú èyí.

Líìfù: ẹ má gba ojú rẹ̀ gbọ́

Lápá ọ̀tún pátákó tó wà níwájú awakọ̀ Líìfù, ilà kéékèèké 12 wà tó ń sọ ìlera bátìrì. Bí ilà kan bá ti lọ, bátìrì ti pàdánù tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilà kọ̀ọ̀kan tó bá tún lọ lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 6. Líìfù kò ní ohun tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára, ooru ló sì ń tètè gbó o. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń tún ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀, kí ilà lè padà kún. Lẹ́yìn tí ẹ bá wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀. `SOH`, ìdá ìlera bátìrì tí `LeafSpy` ń gbé jáde, náà lè bá irọ́ yẹn lọ. Míta iná ilé yín ni kò lè bá a lọ.

Olùkọ́ kan láti Kétu rí Líìfù 2013 tó ní ilà 11. "Ẹ̀gbọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún," ni ẹni tó ń tà á wí. A tọrọ ọkọ̀ náà di ọjọ́ kejì, a lo iná rẹ̀ títí ó fi ku ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, a wá kì í bọ iná ní ilé kan ní Àjàṣẹ́. Nígbà tó kún, míta ti ka 13.4 kWh. Bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún iná yẹn ń ṣòfò lọ́nà, nítorí náà 11.4 ló wọ bátìrì. Ìdá 90 nìyẹn. Ká pín 11.4 sí 0.9, gbogbo ohun tí bátìrì lè gbà jẹ́ 12.7 kWh. Nígbà tó wà ní tuntun, nǹkan bíi 21 ló ṣeé lò nínú 24 yẹn. Ó ku 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ilà mẹ́jọ, kì í ṣe 11.

Ọkọ̀ yìí ń jẹ tó 15 kWh ní kìlómítà 100. Tí 12.7 bá tán pátápátá, kìlómítà 85 nìyẹn. Ẹ̀rọ atútù á jẹ nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ rìn ín dé òfo, nítorí náà ẹ ka 65 tàbí 70. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu ju 95 lọ. Tó bá ti kọjá Pọ́bẹ̀, ọ̀nà ló máa sùn. Ó dá ọkọ̀ náà padà.

Kí ẹ tó gba iná sí i, nígbà tó ṣì wà ní ìsàlẹ̀ 20, ẹ wo àwọn sẹ́ẹ̀lì 96 tí `LeafSpy` ń yà. Ibẹ̀ ni èyí tó rẹ̀ máa ń hàn: bí ìyàtọ̀ àárín èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù bá ju 100 mV lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì, ọkọ̀ lè dáwọ́ dúró kí ìdá tó kù tó tán.

Ẹni tó ń gbé Kétu tàbí Sábẹ̀, Príúsì tí nọ́ńbà 14 rẹ̀ dọ́gba ni mo máa ní kó rà, torí epo wà láti bò ó láṣìírí lọ́nà. Líìfù tọ́ sí ẹni tó ń lọ Kútọnu lójúmọ́ láti Àjàṣẹ́, tó ní ibi tó lè gba iná sí lóru, tí ìṣirò míta rẹ̀ sì fi hàn pé ó ṣì ku ju 75 lọ. Bí ẹni tó ń tà á ò bá gbà kẹ́ ẹ kì í bọ iná lóru, iye tí ẹ máa san fún Líìfù tó ku 60 ni kí ẹ dá lé e.