Àgbéyẹ̀wò: ànímésọ̀n ìlera tí a gbé fún sitúdíò, láti sikiríìpù títí dé gbígba ohùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá ó dáa kéèyàn gbé fídíò ìlera fún sitúdíò kan tó máa ṣe gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ti gbé e fún wọn, mo sì máa sọ bó ṣe rí. Iṣẹ́ wa jẹ́ fídíò ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lórí ohun tí òbí máa ṣe tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ìyẹn ORS, oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, àti síǹkì. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí àwòrán ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ yẹn ò yọ wá lẹ́nu rárá. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kó tó kan àwòrán.

Sikiríìpù la kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. A ti kó ìwé lọ bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ wà níbẹ̀, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti omi mímu, ẹni tó ń bá wa kọ ọ́ ka gbogbo ẹ̀ tán ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ti yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, kí lẹ fẹ́ kí ìyá ẹ̀ ṣe báyìí?" Ìbéèrè yẹn ló tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Nǹkan mẹ́ta ló kù nílẹ̀: bí wọ́n ṣe ń po ORS, bí wọ́n ṣe ń lo síǹkì, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ sáré lọ sí ọsibítù.

Ó pín ìwé sí ọ̀nà méjì, apá kan fún ohun tí ojú máa rí, apá kejì fún ohun tí etí máa gbọ́. Ó wá ń kà á sókè, fóònù ń ka àkókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò ka iye ọ̀rọ̀ rárá, ó ní bó ṣe máa pẹ́ lẹ́nu lòun ń wá, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀. Èyí tá a kọ́kọ́ kọ kọjá ìṣẹ́jú méjì dáadáa. Ohun tó gé ò ju gbogbo ibi tí ohùn ti ń sọ ohun tí àwòrán ti ń fi hàn, bíi "ìyá náà ń da omi sínú ìgò", ojú ṣáà ti ń rí i.

Ó tún fẹ́ gé ibi tá a ti ní kí wọ́n máa fún ọmọ ní síǹkì lọ kódà tí ìgbẹ́ bá ti dúró, nọ́ọ̀sì tó ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ló yarí. Síǹkì yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni, mílígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, 10 fún èyí tí ò tíì pé. Ìgbẹ́ lè dúró kí ọjọ́ yẹn tó pé, ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti máa jáwọ́, tẹ́ ẹ bá wá yọ gbólóhùn yẹn kúrò, àǹfààní síǹkì ti dín kù nìyẹn. Kí wọ́n gé ibòmíràn. Wọ́n sì gé ibòmíràn.

Ibi tí mo ti fún wọn ní máàkì tó pọ̀ jù ni ànímátíìkì. Àwòrán tí ò rìn ni, pẹ́ńsù lásán, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi fóònù gbà sí i, kéèyàn lè rí gbogbo fídíò náà kó tó di pé wọ́n ṣe é. A gbé e lọ bá àwọn ìyá tó ní ọmọ kékeré, a ò ṣàlàyé nǹkan kan, a kàn fi hàn wọ́n. Nígbà tó parí, a ò bi wọ́n pé ṣó yé yín o, torí gbogbo èèyàn ló máa ní ó yé òun. A ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe máa po ó nílé.

Ẹ ò rí i pé àwọn kan ní sáṣẹ́ẹ̀tì ORS kan sínú kọ́ọ̀bù kan! Ohùn sọ lítà kan kedere o. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ọwọ́ já sáṣẹ́ẹ̀tì, àwòrán tó tẹ̀lé e sì ni ọmọ tó ń mu kọ́ọ̀bù, ojú ló dá méjèèjì pọ̀, ojú sì borí etí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún lítà kan, tó bá bọ́ sínú kọ́ọ̀bù kan, iyọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ, ó lè ṣe é ní jàǹbá tó ju ìgbẹ́ náà lọ. Wọ́n wá ya ìgò lítà kan tó hàn gbangba, omi kún un dé ojú ìlà, sáṣẹ́ẹ̀tì dà sínú ẹ̀ tán pátápátá, wọ́n sì jẹ́ kí àwòrán yẹn dúró díẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Kọ́ọ̀bù ò tún jáde àfi nínú ìran tó kàn, ẹ̀yìn àwòrán sì ti yí àwọ̀ padà. A tún gbé e padà fún àwọn ìyá mìíràn, lítà kan ni wọ́n ń sọ.

Ẹ wo ohun tá à bá pàdánù ká ní àwòrán ti ń rìn. Férémù 24 ló wà nínú sẹ́kọ́ńdù kan, gbogbo ìran yẹn làwọn ayàwòrán ì bá tún ṣe. Sitúdíò tí ò bá ní ṣe ànímátíìkì fún yín, tèmi ni pé kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì.

Ohùn wá kù. Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ ìtàn náà, káwọn ará inú àwòrán má la ẹnu rárá, torí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é ní èdè mìíràn lọ́jọ́ iwájú, kò ní sí pé ẹnu ò bá ọ̀rọ̀ mu. Ìmọ̀ràn gidi. Yàrá wọn náà dáa, aṣọ wíwúwo yí ògiri ká, wọ́n pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù, máíkì wà ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu arábìnrin tó ń kà á, wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má máa fẹ́ bàá lu máíkì. WAV ni wọ́n gbà á sí, 48 kHz, 24-bit.

Ohun tó bí mi nínú ni ìwé tí wọ́n gbé fún arábìnrin náà. Kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n kọ síbi iye ọjọ́, tó bá dé "10–14" á dúró, á ronú, á wá máa sáré kó lè bá àkókò. Nígbà tó fi máa dé àmì ewu lópin, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọmọ tí ò lè mumi mọ́, ojú tó jìn wọlé, ọ̀rọ̀ ti ń já lu ara wọn. Ibi tó yẹ kó rọra sọ jù lọ nìyẹn o! Wọ́n ní àwọn máa fi kọ̀ǹpútà fà á gùn, mo ní rárá, torí ohùn tí wọ́n bá fà bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n.

Wọ́n pè é padà lọ́jọ́ mìíràn wá ka gbólóhùn yẹn nìkan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo sì gbọ́ oríkèé ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn kàn ṣàdédé sún mọ́ tòsí bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀. Máíkì ò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àfìgbà tí wọ́n gba odindi ìran ìkẹyìn tuntun kó tó dọ́gba, wọ́n sì fẹ́ kọ ọ́ sí wa lọ́rùn pé àfikún iṣẹ́ ni. A jà á, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn yín ṣáájú pé àtúnkà tó bá wá láti ọwọ́ sitúdíò, àwọn ló ni ín, èyí tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀.

Màá tún gbéṣẹ́ fún wọn, torí ẹni tó ń kọ sikiríìpù wọn àti ànímátíìkì yẹn. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni màá tẹ ìwé tí wọ́n máa kà, pẹ̀lú àmì ohùn àti nọ́ńbà tí mo kọ ní ọ̀rọ̀, màá sì gba fáìlì ohùn nìkan láìsí orin lábẹ́ ẹ̀ kí n tó san èyí tó kù.