Sikáànù tí mo fi wọn ọ̀rá ikùn àti iṣan itan mi l'Àkúrẹ́: ṣé ó ju kálípà lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ní jíìmù pé ṣé owó sikáànù yẹn tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ aláboyún wò ni mo lọ, lápá Alágbàká níbí, n ò ní dárúkọ wọn. Mo fẹ́ mọ bí ọ̀rá abẹ́ awọ ikùn mi ṣe nípọn tó, mo sì fẹ́ mọ ti iṣan iwájú itan, torí kálípà, ẹ̀mú tí kóòṣì wa fi ń wọn ọ̀rá, ò mọ nǹkan kan nípa iṣan.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìdodo mi, kálípà sọ pé mìlímítà 24, sikáànù sọ pé 14. Àwọn kan ti ń pariwo pé ọ̀kan ń parọ́, irọ́ kọ́ o. Kálípà, ẹ ó fọwọ́ ká awọ àti ọ̀rá jọ kúrò lára iṣan, ẹ ó fi ẹnu ẹ̀ há a, ẹ ó kà á lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, torí tẹ́ ẹ bá pẹ́, ọ̀rá á máa rọ̀ sábẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà á máa wálẹ̀. Nítorí náà 24 yẹn, ìlọ́po méjì ni, awọ méjì wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ti fún un pọ̀. Tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì, 12 nìyẹn, ẹ yọ awọ kúrò, ó ku bíi 10. Sikáànù ò fún nǹkan kan, ìpele kan péré ló ń wọ̀n, ìyẹn ló fi jẹ́ 14. Wàhálà kálípà gan-an ni pé ọ̀rá ẹlòmíì rọ̀, ti ẹlòmíì le, ẹni méjì lè jọ ní 24 kí ọ̀rá wọn má sì dọ́gba rárá.

Ṣùgbọ́n sikáànù náà, ọwọ́ ẹni tó mú un ló kù. Àǹtí tó ṣe tèmi kọ́kọ́ tẹ orí ẹ̀rọ mọ́ mi níkùn bí ẹni ń wá ọmọ, ó ní 9! Mo ní ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ẹ da jẹ́ẹ̀lì sí i dáadáa, kó nípọn, kí ẹ̀rọ má kan awọ mi rárá. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ojú ẹ̀rọ á fi ìlà dúdú jẹ́ẹ̀lì hàn láàárín orí ẹ̀rọ àti awọ. Tí dúdú yẹn bá ti pòórá, wọ́n ti ń tẹ̀ yín nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó di 14, ó wá rẹ́rìn-ín, “Bùrọ̀dá, àṣé ọ̀rá yín ń sá fún mi ni.”

Ohun kejì, ìlà funfun kan máa ń wà láàárín ọ̀rá ikùn fúnra ẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ ni, ọ̀pọ̀ á rò pé ibẹ̀ ni iṣan ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n débẹ̀, ọ̀rá á wá kéré lójú ìwé. Ẹ gbé orí yín sókè díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: iṣan tòótọ́ á kó ara jọ, á nípọn sí i, ìlà inú ọ̀rá ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dùbúlẹ̀ padà, ẹ dá èémí dúró díẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ti itan ni owó mi ti wúlò jù. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti abẹ́ ọ̀rá dé orí egungun, ẹsẹ̀ yín nà, kò le. Egungun á tàn funfun báláú, tó bá ti ń ṣú, ẹ̀rọ ti dagun nìyẹn, iṣan á sì dàbí ẹni pó nípọn ju bó ṣe rí lọ. Tèmi jẹ́ 41. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ibi sìkúwọ́ọ̀tì lọ tààrà, ó wá ń yọ̀ pé iṣan òun ti fi mìlímítà mẹ́ta lé, ẹ̀jẹ̀ àti omi tó rọ́ wọ inú ẹ̀ ni jàre, á wálẹ̀ tó bá sinmi.

Ohun tó bí mi nínú ni ìdá ọ̀rá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é, àṣé fọ́múlà Jackson àti Pollock ni, ti 1978, èyí tí wọ́n ṣe fún nọ́ńbà kálípà! Ẹ fi 14 síbi tó yẹ kí 24 wà, kí ni kò ní sọ pé ọ̀rá mi kéré? Mo fi bírò fa igi lé e lórí níbẹ̀.

Ní tèmi ṣá, kálípà tó fún oṣooṣù, tó bá jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ń mú un, ojú ibì kan náà. Sikáànù dára fún ẹni tó fẹ́ mọ iṣan, àti ẹni tí ọ̀rá ikùn ẹ̀ pọ̀ débi pé ẹnu kálípà ò ká a. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ ní kí wọ́n tẹ àwòrán jáde pẹ̀lú àmì ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ẹ má gba nọ́ńbà lásán, kí ẹ sì fi téèpù wọn ibi tó wà sí ìdodo kí ẹ lè padà síbẹ̀ gan-an.