Sẹ́fà òkè òkun àbí kọ̀ǹpútà inú ilé: èwo ni kí ẹ náwó lé tí géèmù kò fi ní máa háńgì l'Ákùúrẹ́?

Ọ̀nà méjì ni èèyàn fi lè gbá géèmù ńlá lórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tí agbára rẹ̀ kò gbé e. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa sanwó oṣù fún iléeṣẹ́ bíi GeForce NOW: orí sẹ́fà wọn ni géèmù ti ń ṣiṣẹ́, àwòrán rẹ̀ á sì máa wọlé tọ̀ yín wá bíi fídíò. Èkejì ni kí ẹ ra kọ̀ǹpútà géèmù kan sílé, kí ẹ fi Sunshine, áàpù tó ń fi àwòrán géèmù ránṣẹ́, sórí rẹ̀, kí ẹ fi Moonlight tó ń gbà á sórí fóònù, láptọ́ọ̀pù tàbí tẹlifíṣọ̀n, kí fídíò náà máa rìn láàárín ilé nìkan. Méjèèjì lè háńgì, méjèèjì lè bàjẹ́ lójú, àmọ́ ohun tó ń fà á kì í ṣe ọ̀kan náà, owó tí yóò sì tán ìṣòro náà yàtọ̀ síra.

Ibi tí sẹ́fà wà

Ẹ jẹ́ ká fi ibí yìí bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ráútà tó lè tún un ṣe. Okùn MainOne tó wọ Èkó láti Pọ́túgà ní 2010 gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rìn nǹkan bí 200 kìlómítà láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì kan, tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ sójú yín bíi ms. Tí sẹ́fà bá wà ní Yúróòpù, 35 ms ni àlọ nìkan, 35 ms ni àbọ̀. Ó ti di 70 ms kí ẹnikẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ kankan. NVIDIA, tó ni GeForce NOW, ní kí ìdádúró má kọjá 80 ms, wọ́n sì ní ó dára jù tó bá wà lábẹ́ 40. Ẹ wá wò ó: 10 ms péré ló ṣẹ́ kù fún ọ̀nà Èkó sí Àkúrẹ́, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti wáífáì ilé yín. Kò lè tó.

Nítorí náà, bí géèmù bọ́ọ̀lù tàbí ti ìbọn lẹ fẹ́ràn, tí sẹ́fà tó sún mọ́ yín jù lọ bá wà ní Yúróòpù, a kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti san owó oṣù. Géèmù tí èèyàn ń ronú kó tó ta, bíi ayò tàbí géèmù ìtàn tí kò le, á gbà á láìsí wàhálà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo bóyá Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí iléeṣẹ́ náà ń tà fún, kí ẹ sì mọ ìlú tí sẹ́fà wọn wà gan-an.

Bándíwíìdì àti owó dátà

Ìwọ̀n tí GeForce NOW béèrè rèé, pẹ̀lú iye dátà tó máa lọ ní wákàtí kan bí ó bá lo gbogbo ìwọ̀n náà tán:

| Àwòrán | Ìyára | Dátà ní wákàtí kan |
|---|---|---|
| 720p, fíréèmù 60 | 15 Mbps | 6.75 GB |
| 1080p, fíréèmù 60 | 25 Mbps | 11.25 GB |
| 1440p, fíréèmù 120 | 35 Mbps | 15.75 GB |

Wákàtí méjì lójúmọ́ ní 1080p lè jẹ 675 GB lóṣù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìlà “aláìlópin” fún yín pé iye dátà mélòó ni wọ́n á fi rọra dín ìyára rẹ̀ kù, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní ààlà. Kọ̀ǹpútà inú ilé kò jẹ dátà rárá nígbà tí ẹ bá ń gbá géèmù rẹ̀ nínú ilé kan náà. Àtigbé géèmù wọlé nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń jẹ ni iná: kọ̀ǹpútà tó ní káàdì gíráfíìsì lè fa ju 200 wọ́ọ̀tì lọ tí géèmù bá le, ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ invátà yín.

Ìyára tí a kà lórí fóònù lọ́sàn-án kì í sọ òótọ́ fún géèmù. Ráútà 4G lè fi 40 Mbps hàn ní aago méjì ọ̀sán, kó sì máa háńgì láago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó yí FUTA ká bá jọ rọ̀ mọ́ òpó kan. Starlink kì í fi bẹ́ẹ̀ dà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní àrùn tirẹ̀: ó máa ń tún sátẹ́láìtì pín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí géèmù bá ń fò díẹ̀ ní ìwọ̀n àkókò yẹn gẹ́lẹ́, ẹ má fi ìyẹn ra ráútà tuntun. Òjò ńlá náà máa ń dí i lọ́wọ́, igi tó bá ṣíji bò ó sì burú jùyẹn lọ. Bí fáíbà bá dé àdúgbò yín, òun la máa mú ṣáájú méjèèjì, torí ìdádúró rẹ̀ kì í sábà yí padà láti ìṣẹ́jú kan sí èkejì.

Ìṣòro kan tún wà tó ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, páákẹ́ẹ̀tì géèmù á tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú ráútà bí ìgbà tí tírélà dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọ̀kadà. Ìyára kò dín, àmọ́ ìdádúró ti fò láti 40 sí 300 ms. Ráútà tó ní SQM, ètò tó ń to páákẹ́ẹ̀tì kí ọ̀kan má dí èkejì lọ́nà, ló ń wo èyí sàn: ẹ fi ààlà rẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára tí ẹ ń rí gan-an.

Wáífáì

Ibí ni kọ̀ǹpútà inú ilé ti ń rí wàhálà jù. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ ráútà, Cat5e tó. Tí òun náà bá wà lórí wáífáì, fíréèmù kọ̀ọ̀kan á gba inú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń gbá a ni kó wà lórí 5 GHz, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà, tàbí kó jẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù kan péré ló là wọ́n láàárín. Chánẹ́ẹ̀lì 36 sí 48 la fẹ́ràn. Lórí 52 sí 144, ráútà lè ṣàdédé sá kúrò níbẹ̀ tó bá gbọ́ rédà, géèmù á sì dúró. Orí 2.4 GHz, ẹ̀rọ Bluetooth etí yín àti wáífáì gbogbo aládùúgbò ni wọ́n jọ ń du afẹ́fẹ́ kan náà.

Tí ẹ bá ń ra Starlink, ẹ mọ̀ pé ráútà Gen 3 ní ojú wáyà méjì, àmọ́ Gen 2 nílò ohun èlò àlẹ̀mọ́ tí ẹ máa ra lọ́tọ̀.

Ẹ́ńkódà àti díkódà

Géèmù tó ń gbé fíréèmù, ìyẹn àwòrán, 60 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan ní 16.7 ms. Láàárín àkókò yẹn ni ẹ́ńkódà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di fídíò. Èyí tó wà nínú káàdì gíráfíìsì ń ṣe é láàárín ìwọ̀n ms díẹ̀. Tí káàdì kò bá ní in, pírósẹ́sọ̀ ló máa ṣe é, òun àti géèmù á sì jọ máa jà sí agbára kan náà.

Ẹ ṣọ́ra gidi lọ́jà tòkunbọ̀. GT 1030 kò ní ẹ́ńkódà NVENC. RX 6400 àti RX 6500 XT náà kò ní ẹ́ńkódà fídíò kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gbé géèmù. Ẹni tó ra ọ̀kan nínú wọn nítorí Sunshine ti ra ìyà, àyàfi tí pírósẹ́sọ̀ Intel rẹ̀ bá ní gíráfíìsì tirẹ̀ tó lè gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn tí orúkọ wọn parí sí F kò ní in. GTX 1650 tó fún 1080p.

Lápá kejì, láptọ́ọ̀pù tó ń gba fídíò náà ní òfin tirẹ̀. Core i5 ìran kẹrin, tó pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, ní díkódà, ohun tó ń tú fídíò padà sí àwòrán, fún irú fídíò tó ń jẹ́ H.264, ṣùgbọ́n kò ní ti HEVC tó péye. Tí ẹ bá yan HEVC fún un nítorí pé ẹ gbọ́ pé ó ń dín dátà kù, òun ni yóò máa háńgì, ẹ ó sì máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Yàrá kan ní Apatapiti

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní irú láptọ́ọ̀pù yẹn, pẹ̀lú ráútà 4G, kọ̀ǹpútà inú ilé tó ní GTX 1650, àti àwòrán tó ń já lójú rẹ̀. Ó fẹ́ lọ ra Starlink. Kó tó lọ, kó kọ́kọ́ ṣe èyí lórí láptọ́ọ̀pù, kó fi nọ́ńbà ráútà tirẹ̀ síbẹ̀:

```
ping -n 100 192.168.0.1
```

Lórí 2.4 GHz, ó rí 3 ms, 4, lẹ́yìn náà 170, lẹ́yìn náà 5, 90. Ráútà tó wà nínú yàrá rẹ̀ ni o! Géèmù kò tíì jáde nílé rárá. Ó bọ́ sí 5 GHz, ó tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ di 2 sí 6 ms. Starlink kò bá ti tún ìyẹn ṣe fún un.

Ó ṣí Moonlight, ó tẹ `Ctrl+Alt+Shift+S` kí ìṣirò hàn lójú géèmù. `Frames dropped by your network connection` ti di òdo. `Host processing latency` wà ní 5 ms, ẹ́ńkódà kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n `Average decoding time` jẹ́ 24 ms, ó ju 16.7 lọ, géèmù sì ń háńgì síbẹ̀. HEVC ló wà níbẹ̀. Ó yí i sí H.264 nínú ètò Moonlight, ó fi bítíréètì sí 20 Mbps, ìdíkódù bọ́ sí 6 ms. Kò ná kọ́bọ̀.

Àmì ìṣòro nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò rí bákan náà lórí ọ̀nà méjèèjì. Sẹ́fà òkè òkun lè dín àwòrán kù fúnra rẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rẹ̀, nítorí náà bàìbàì ló máa ń kọ́kọ́ dà. Moonlight kì í dín in: yóò já fíréèmù, yóò sì kọ `Slow connection to PC` sójú yín. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá yọ nígbà tí `ping` sí ráútà dára, tí kọ̀ǹpútà ńlá sì wà lórí wáyà, ẹ yọ wáyà náà wò. Èyí tí wọ́n fi aluminíọ́mù ṣe tí wọ́n fi bàbà bò lójú pọ̀ lọ́jà, orí rẹ̀ a sì máa tú kúrò nídìí. Ẹ fi èyí tó jẹ́ bàbà gidi rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.