Ìkìlọ̀: Ẹ wọn wíńdò alumíníọ̀mù yín kí wọ́n tó fi sílíkọ́nì bo àlàfo rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ṣágámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Oníwíńdò kan ń gba iṣẹ́ káàkiri agbègbè wa báyìí. Owó tó ń pè kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí pé òun nìkan kọ́ ló mọ ọgbọ́n náà. Ọgbọ́n yẹn gan-an ni mo fẹ́ tú síta.

Ilé àǹtí mi ní Ìpẹru ló ti ṣe é. Àwọn ihò wíńdò tí bíríkìlà fi sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 1200 mílímítà ní ìbú àti ní gíga, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́rin. Férémù tó yẹ irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ bíi 1190, kí àlàfo mílímítà 5 péré lè kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún sílíkọ́nì láti dí. Bàbá yìí gé tirẹ̀ ní 1155. Àlàfo tó kù lé ní mílímítà 22 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìka ọwọ́ àgbàlagbà ń wọ ibẹ̀ láìfi agbára tì í.

Kí ló dé tó jẹ́ 1155? Kì í ṣe àṣìṣe. Púpọ̀ nínú ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ń ti òkè òkun wọlé gùn ní mítà 5.8, kó lè wọ inú kọ̀ntéénà ẹlẹ́sẹ̀ ogún. Ẹni tó bá gé 1190 lára ọ̀pá bẹ́ẹ̀, 4 ló máa rí, nǹkan bíi mítà kan á sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n tó bá gé 1155, 5 ni yóò rí, kódà tí ẹ bá ka èyí tí eyín ayùn jẹ mọ́ ọn. Ọ̀pá kan tó yẹ kó fún un ní 4 wá di 5 lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ẹsẹ̀ mẹ́rin ni àǹtí mi san. Gíláàsì tó lò náà kéré sí i. Oníṣẹ́ tó ń ṣe é bó ṣe yẹ, ìṣẹ́kù mítà kan yẹn ló máa fi ṣe wíńdò ilé ìwẹ̀.

Ọjọ́ tó fẹ́ gbé wọn sójú ihò, àǹtí mi bi í pé, "Ṣé wíńdò yìí ò kéré jù báyìí?" Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Sílíkọ́nì máa bo gbogbo ẹ̀." Ó wá ká pépà àpò sìmẹ́ńtì, ó kì í bọ inú àlàfo náà, ó fi sìmẹ́ńtì funfun rẹ́ ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì fa sílíkọ́nì tín-ín-rín lé e lórí láti inú yàrá nìkan. Kò fa nǹkan kan síta rárá. Kò gbá eruku, kò sì dúró kí sìmẹ́ńtì gbẹ. Lójú ẹni tó wà nínú ilé, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní.

Ohun tí èyí fà kò ṣòroó lóye. Òjò tí afẹ́fẹ́ bá gbé kọlu ògiri níta ti wọnú àlàfo yẹn kó tó kan sílíkọ́nì inú. Pépà yẹn á fa omi sára, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà abẹ́ wíńdò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́ náà á là, eruku pupa ilẹ̀ wa á máa gba ibẹ̀ wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì. Sílíkọ́nì tí wọ́n fà sórí eruku tàbí ohun tó tutù kì í di ibẹ̀ mú. Ẹ fi èékánná gbá etí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì: tó bá ń bó bí rọ́bà, kò mú. Tó bá ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tó ṣì tutù, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí pé irú yẹn àti sìmẹ́ńtì kì í bára wọn gbé, ó sì lè ba alumíníọ̀mù jẹ́. Oríṣi tí kò ní òórùn kíkan yẹn wà lọ́jà, ó kàn wọ́n díẹ̀ ni.

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọkùnrin náà ní ògiri bíríkìlà ló ń jò. (Bíríkìlà wa gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.) Ẹ lè fi rọ́bà omi yanjú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni kan á dúró sínú yàrá, ẹnì kejì á máa wọ́n omi láti ìta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ẹ wọ́n ògiri abẹ́ wíńdò nìkan fún bíi ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà etí ìsàlẹ̀ férémù, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́, òkè ni kẹ́ ẹ fi parí. Ibi tí ẹ ń wọ́n nígbà tí omi yọ sínú ni ẹjọ́ wà. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn bo gbogbo rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó gbà. Ní ilé àǹtí mi, ògiri ò jò. Nígbà tí omi kan etí ìsàlẹ̀ férémù ló yọ sínú.

Kí ẹ tó gbà pé àlàfo nìkan ni, ẹ bu ife omi kan sí ojú irin tí wíńdò ń gbà kọjá nísàlẹ̀, kí ẹ pa á dé. Ó yẹ kí omi náà jáde síta láti inú àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n lu síwájú rẹ̀. Tí kò bá jáde, tó wá ń kún bọ̀ nínú yàrá, a jẹ́ pé wọn ò lu ihò kankan, tàbí wọ́n da férémù kọ ẹ̀yìn síwájú. Etí tó ga jù nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sínú ilé.

Bọ́gílárì rẹ̀ náà, súkúrù kéékèèké ló fi dè é mọ́ ara alumíníọ̀mù, kò dé ara búlọ́ọ̀kù rárá. Olè tó bá ti fi irin fa férémù jáde, bọ́gílárì á tẹ̀ lé e. Inú ògiri ló yẹ kí ìdè rẹ̀ wọ̀.

Ohun tí a ṣe ni pé a ò san owó tó kù. Àwọn wíńdò tó kọjú sí ibi tí òjò ti ń wá, ó tún wọn ṣe ní 1190. Àwọn yòókù, a yọ pépà, a fi tépù bo ara alumíníọ̀mù kí sìmẹ́ńtì tútù má bà á jẹ́, a fi iyanrìn òun sìmẹ́ńtì dín àlàfo náà kù títí ó fi ku bíi mílímítà 5, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa, a wá fa sílíkọ́nì níta àti nínú.

Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé wíńdò dé ilé yín, ẹ fi tépù wọn férémù àti ihò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú rìsíìtì pé férémù kò ní fi ju mílímítà 10 kéré sí ihò, àti pé ẹ̀yìn tí ẹ bá ti wọ́n omi sí i lẹ ó tó san owó tó kù. Bàbá tí mo ń sọ yìí, nígbà tí aládùúgbò wa kan ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò padà wá mọ́.