Mo sanwó fún ìlà mẹ́ta péré lórí sífíì mi, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

12,000 náírà ni mo san, kì í ṣe fún odindi sífíì tí mo fi ń wáṣẹ́ o, apá òkè nìkan, ìlà mẹ́ta tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Nígbà tí mo sọ iye yẹn níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín, wọ́n ní ìlà kan wá jẹ́ 4,000, ṣé góòlù ni wọ́n fi kọ ọ́ ni. Àwọn kan náà ló tún ń bi mí lábẹ́lẹ̀ báyìí pé kí n júwe ibẹ̀, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Sítọ́ọ̀ oògùn ni mo ń tọ́jú, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìsọlọ̀, mo sì ń wá iṣẹ́ súpáfáísọ̀ lápá Ìkẹjà. Káfẹ́ kan ní Ojúẹlẹ́gba ló tẹ sífíì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀. Òyìnbó ló wà nínú ìwé o, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ rèé: "Òṣìṣẹ́ tó jára mọ́ṣẹ́, tó lè bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́ pọ̀, tó lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, tó ń wá àyè ní kọ́ńpìnì ńlá tó ti máa lo ẹ̀bùn rẹ̀ kí òun àti kọ́ńpìnì lè jọ tẹ̀síwájú." Ẹ ti kà á rí, àbí? Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún mi ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó tò sẹ́yìn mi lórí ìlà, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Obìnrin tó tún un ṣe fún mi wà ní Yábàá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ò jìnnà sí Tẹ́júoṣó, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ tí mo máa kà sí i lẹ́sẹ̀ níwájú. Bó ṣe gba sífíì yẹn lọ́wọ́ mi báyìí, ó fi àtàǹpàkò bo orúkọ mi lórí ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí n bá kọ orúkọ géètímáànù ibi iṣẹ́ yín síbí, ṣé irọ́ ló máa dà?" Mo rò ó, mo ní rárá, géètímáànù wa náà jára mọ́ṣẹ́ dáadáa. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i, kò tíì sọ nǹkan kan nípa yín." Ó wá mú bírò pupa, ó ń fa igi lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá lè jẹ́ ti ẹlòmíì, nígbà tó máa ṣe tán kò ku nǹkan kan nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá ló lọ.

Mo rò pé ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nígbà yẹn, kò kọ nǹkan kan, ìbéèrè ló ń bi mí. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú wọn ni, "Tí ẹ ò bá wá síbi iṣẹ́ fún oṣù kan, kí ló máa bàjẹ́?" Mo ní oògùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ẹkisipáyà sórí pẹpẹ ni. Tí ẹrù tuntun bá dé, àwọn ọmọ tó ń já ẹrù máa ń tì í síwájú torí ibẹ̀ ló rọrùn, ti àtijọ́ á wá há sẹ́yìn, ẹni tó bá wá gbẹ́rù á mú tiwájú lọ, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rántí tẹ̀yìn, ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa to páálí bí ọjọ́ ẹkisipáyà wọn bá ṣe tẹ̀léra, kì í ṣe bí wọ́n ṣe dé, èyí tó bá máa tètè ẹkisipáyà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo tún ń kọ orúkọ gbogbo èyí tó bá ku oṣù mẹ́fà, mo ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń tajà kí wọ́n tètè wá ẹni tó máa rà á. Ó ní èyí gan-an lòun ń wá. Ó wá ní, "Ó dín kù sí mélòó?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dúró, torí mo mọ̀ pé ó dín kù ṣùgbọ́n mi ò mọ iye ẹ̀ lórí. Kò jẹ́ kí n fojú díwọ̀n ẹ̀, ó ní kí n lọ mú ìwé wá. Lọ́dọ̀ tiwa, oògùn tó bá ti ẹkisipáyà, a kì í kàn dà á sí kòtò, NAFDAC ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń run ún, a sì máa ń kọ iye páálí sílẹ̀ ká tó kó o jáde, ẹ̀dà ìwé yẹn wà nínú fáìlì wa. Mo lọ wò ó: páálí 41 ní 2022, 26 ní 2023, 9 ní 2024. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀, inú dúrọ́ọ̀ tí mò ń ṣí lójoojúmọ́ ló wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọ pé iṣẹ́ tiyín ò ní nọ́ńbà, ẹ lọ wo ìwé wébíìlì, ìwé kíka ẹrù, rẹ́jísítà, ìwé ẹ̀sùn kọ́sítọ́mà.

Ohun tó wá kọ nìyí, mo kàn sọ ọ́ di Yorùbá:

"Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn fún ọdún mẹ́fà, ní ilé ìkẹ́rùsí oríṣi oògùn 800 tó ń gbé ẹrù fún ilé ìwòsàn àti ilé oògùn káàkiri Èkó. Ó dín páálí tó ń ẹkisipáyà lọ́dún kù láti 41 ní 2022 sí 9 ní 2024, nípa títo ẹrù bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀léra àti ìkìlọ̀ oṣooṣù. Ó ti kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́ta níṣẹ́, ó ti múra ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀ fún àyẹ̀wò NAFDAC, ó sì mọ Excel àti Sage lò."

Ó tán. Lórí ìwé A4, tí lẹ́tà bá jẹ́ 11, ìlà mẹ́ta òyìnbó kì í ju bí ọ̀rọ̀ 45 lọ, ẹ ò lè kó gbogbo ayé yín sínú ẹ̀. Ìlà kìíní sọ ẹni tí mo jẹ́ àti bí ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣe tóbi tó, torí ẹni tó tọ́jú oríṣi oògùn 800 àti ẹni tó tọ́jú 50 kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìlà kejì ni ẹ̀rí, ohun kan ṣoṣo, pẹ̀lú bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kó fi ti iye ẹrù tó ń dín nígbà kíka sítọ́ọ̀ sí i, ó kọ̀, ó ní kí n gbé ìyẹn sísàlẹ̀ lábẹ́ orúkọ ibi iṣẹ́. Ìlà kẹta, inú ìpolówó iṣẹ́ ló ti mú un jáde: wọ́n ń wá ẹni tó lè darí òṣìṣẹ́ tí àyẹ̀wò ìjọba ò sì ní bá lójijì. Ohun tí mò ń wá ò sí níbẹ̀ rárá, ẹni tó ń kà á ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń wá, kí ni mo fi ìwé ránṣẹ́ sí i fún.

Ẹ̀sùn mi wá rèé. Àkọ́kọ́, ó fẹ́ kọ ọ́ pé mo dín ẹkisipáyà kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀ lórí fóònù, 78 ni. Ó ní 80 dùn ún gbọ́ jù. Dídùn wo, ẹni tó bá ní kákúlétọ̀ ní tábìlì á mú mi ní ìṣẹ́jú kan, mo ní kó kọ 41 sí 9 bó ṣe wà, kí wọ́n fúnra wọn ṣírò ẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó gbà tìkọ̀tìkọ̀.

Èkejì ló ká mi lára jù. Kò bi mí bóyá iye ẹrù tó ń wọlé ṣì jẹ́ bákan náà. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí náírà já ní 2023, oògùn wọ́n, ọ̀gá wa ò ra tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbọ́n á sọ pé ẹrù yín ló kéré, ó di dandan kí èyí tó ń bàjẹ́ náà kéré. Èmi ni mo padà lọ wò ó fúnra mi: páálí 9,800 ló wọlé ní 2022, 7,100 ní 2024. Èyí túmọ̀ sí pé nínú páálí 1,000 tó bá wọlé, bíi 4 ló ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di bíi 1 báyìí. Ó ṣì dín kù gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò fi ìyẹn sínú ìlà mẹ́ta, kò lè gbà á, mo kàn fi sórí de ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n sì bi mí lóòótọ́! Ní Ìkẹjà, máníjà kan kàn na ọwọ́ sí ìlà kejì, ó ní, "Ẹrù tó ń wọlé ńkọ́?" Ká ní mi ò mọ̀ ọ́n, òógùn á bò mí níwájú wọn. Iṣẹ́ ẹni tó gba 12,000 ni kó ti ronú débẹ̀ kí n tó sanwó tán.

Ẹ̀kẹta, ó fi ìlà mẹ́ta yẹn sínú àpótí aláwọ̀ búlúù, ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ ka sífíì ní ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì ńlá, òmíràn nínú wọn kì í sì í ka ohun tó wà nínú àpótí bó ṣe yẹ. Ẹ lè dán tiyín wò: ẹ ṣí PDF yẹn, ẹ kọ́pì gbogbo ẹ̀, ẹ pésìtì sínú Notepad. Tèmi, ìlà mẹ́ta tó yẹ kó wà lókè lọ bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn orúkọ àwọn rẹfirẹ́ńsì. Ó yọ àpótí yẹn kúrò nígbà tí mo fi hàn án, kò sì gbowó lé e.

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC náà lọ bá a. Tìyẹn ò ní ọdún iṣẹ́ kankan, nítorí náà ohun tó kọ́ níléèwé ló fi sí ìlà kìíní, ohun kan tó ṣe níbi tó ti sìnrú ìlú ló fi sí ìkejì: iye ọmọ tó kọ́ ní ìṣirò àti iye tó yege nínú wọn. Ìyẹn náà dáa, kò sí "ọ̀dọ́ tó ní ìtara" níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kó yí ìlà mẹ́ta yẹn padà fún ìpolówó mìíràn, 3,000 ló ń gbà, ẹ má san án. Ìlà kẹta nìkan ló sábà máa ń yí. Èmi rí ìpolówó kan tí wọ́n ti ń wá ẹni tó mọ ilé ìkẹ́rùsí tútù, mo yọ Sage àti Excel kúrò, mo fi sí i pé mò ń ṣọ́ fíríìjì àjẹsára àti insulíìnì ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ni, ìwé ẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, orúkọ kọ́sítọ́mà àti iye owó tí ọ̀gá yín ń pa, ẹ má gbé e síbẹ̀, ẹni tó bá rí i pé ẹ ń tú àṣírí ọ̀gá yín kò ní gbà yín.

Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀kejì ní Ìkẹjà, mi ò sì lè búra pé ìlà mẹ́ta yẹn nìkan ló ṣe é, torí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà bá mi sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún obìnrin yẹn, ìbéèrè ẹ̀ ló gba mẹ́ta, àpótí búlúù àti 80 ló já a bọ́ lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó ìwé iṣẹ́ yín dání látilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dá yín padà bó ṣe dá mi padà, owó mọ́tò Ìsọlọ̀ sí Yábàá ò sì kéré mọ́.